Ọjọ́ Ọmọkùnrin Lágbàáyé ti 16 Oṣù Karùn-ún: ta ló dá a sílẹ̀ gan-an?

Bí Oṣù Karùn-ún bá ti ń sún mọ́ ìdajì, àwòrán kan a bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí Wasáàpù kan bọ́ sí òmíràn l'Ádó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìjerò. Ọmọkùnrin kékeré kan ló máa ń wà nínú rẹ̀, aṣọ búlúù lọ́rùn rẹ̀, àmì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lókè lápá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 16 oṣù náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ọmọkùnrin Lágbàáyé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwé kan ti fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ búlúù wá, kí ó sì mú owó kéèkì àti owó fọ́tò dání. Ṣọ́ọ̀ṣì a fi kún ìkéde ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó fẹ́ du ipò a tẹ fọ́tò tirẹ̀ mọ́ ti ọmọ náà, a sì fi ránṣẹ́ pa dà sí wa.

N kò lòdì sí ọmọkùnrin o, mo bí wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi ọjọ́ náà lé lórí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò dá ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tún ṣe ohun tí àwọn aláwàdà kan kàn hùmọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan pàtó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a mọ orúkọ rẹ̀, a sì mọ ọdún tó ṣe é. Ààrin ibi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó ń wọ orí fóònù wa ń gbé, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a tú ti ọmọkùnrin yìí palẹ̀ dáadáa.

Ibi tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kò pamọ́. Àjọ náà ní ojú ewé kan tí ó kó gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jọ sí, oṣù tẹ̀ lé oṣù. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni un.org/en/observances. Ẹ yí i lọ sí Oṣù Karùn-ún, kí ẹ wo ọjọ́ 16. Ohun méjì lẹ máa bá níbẹ̀, kò sì sí èyí tó kan ọmọkùnrin nínú méjèèjì. Ọ̀kan ni ọjọ́ tí wọ́n fi ń rán ayé létí láti máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà, èyí tí Àjọ náà fọwọ́ sí nínú Oṣù Kejìlá 2017. Èkejì ni Ọjọ́ Ìmọ́lẹ̀ Lágbàáyé, tí UNESCO gbé kalẹ̀ láti fi rántí ọjọ́ 16 Oṣù Karùn-ún 1960, ọjọ́ tí Theodore Maiman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú kí iná lésà ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ilé ìwé tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́jọ́ náà, iná lésà ni kí ó kọ́ àwọn ọmọ, tàbí bí a ṣe ń bá aládùúgbò ẹni gbé láìjà.

Ẹ wá lọ sí ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá lójú ewé kan náà. Ibẹ̀ ni Ọjọ́ Ọmọbìnrin Lágbàáyé wà, nọ́ńbà ìpinnu tó gbé e dìde sì nìyí: A/RES/66/170. Nọ́ńbà yìí la máa dúró tì díẹ̀, torí òun ni irinṣẹ́ tó dára jù tí ará ilé lè fi yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni.

A tó wà níwájú dúró fún Ìpàdé Gbogbogbò, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan ṣoṣo. RES túmọ̀ sí pé ìpinnu ni ìwé náà. 66 ni ìjókòó tí wọ́n wà nígbà náà, 170 sì ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìpinnu ìjókòó yẹn. Ẹ fi 1945 kún nọ́ńbà ìjókòó, ọdún tí ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ ló máa jáde: 66 àti 1945 jẹ́ 2011. Inú Oṣù Kẹsàn-án ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí di Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ìpinnu ti ọmọbìnrin kò lè bọ́ sí ibòmíràn ju àárín Oṣù Kẹsàn-án 2011 sí Oṣù Kẹsàn-án 2012. Lóòótọ́, ọjọ́ 19 Oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ọdún 2012 sì ni ayé kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan bá wá fi nọ́ńbà tó ní 66 ránṣẹ́ sí yín, tó sì ń sọ pé ọdún 2018 ni wọ́n ṣe ìpinnu náà, ẹ ti mú un.

Ẹ má sì dúró sórí nọ́ńbà. Ẹ tẹ undocs.org/A/RES/66/170, ìwé náà fúnra rẹ̀ á ṣí. Apá àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa gùn bí ìwúre, wọn á máa rántí èyí, wọn á máa tẹnu mọ́ tọ̀hún. Ẹ fò ó. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìpinnu ní oókan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ọjọ́ náà, kí ó sọ ọjọ́ àti oṣù tí yóò máa bọ́ sí. Tí kò bá sí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìpinnu lórí nǹkan mìíràn lẹ̀ ń kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì wá lọ́nà nìyí, nítorí ìwé Àjọ náà tó dárúkọ ọmọkùnrin pọ̀: lórí ẹ̀kọ́, lórí ogun, lórí ìlòkulò ọmọdé. Ẹni tó fẹ́ tan ni jẹ kò nílò ju kí ó mú ọ̀kan nínú wọn, kí ó so ó mọ́ àwòrán ọmọ aláṣọ búlúù.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ tó jẹ́ ojúlówó ló ní A/RES o. Ọjọ́ àwọn olùkọ́, 5 Oṣù Kẹwàá, tí àwọn tíṣà wa ní Èkìtì mọ̀ bí ẹni mọ owó, ọ̀dọ̀ UNESCO ló ti wá ní 1994. Ohun tó ń rántí ni ìwé ìmọ̀ràn lórí ipò olùkọ́ tí UNESCO àti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé fọwọ́ sí lọ́jọ́ 5 Oṣù Kẹwàá 1966. Ọjọ́ ìlera lágbàáyé, 7 Oṣù Kẹrin, ti àjọ WHO ni, ọjọ́ tí òfin tó gbé àjọ náà ró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948 ló ń rántí. Ọjọ́ oúnjẹ, 16 Oṣù Kẹwàá, ti FAO ni. Gbogbo wọn wà nínú àkójọ yẹn pẹ̀lú. Ohun tí a ń wá ni ilé tí ọjọ́ náà ti jáde àti ìwé tí ilé náà fi gbé e jáde, yálà lẹ́tà A ló wà níwájú rẹ̀ tàbí òmíràn.

Ta wá ni ẹni tó dá ti ọmọkùnrin sílẹ̀?

Jerome Teelucksingh ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì West Indies, ní erékùṣù Trinidad. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ọmọkùnrin, ó sì mú un sí 16 Oṣù Karùn-ún. Òun náà ló gbé Ọjọ́ Ọkùnrin Lágbàáyé dìde ní 1999, tí ó mú un sí 19 Oṣù Kọkànlá nítorí pé ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀ ni. Kò fi èyíkéyìí nínú wọn pamọ́. Ohun tí ẹni tó dá ọjọ́ náà sílẹ̀ ṣe kò burú; àwọn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ló yọ orúkọ Trinidad kúrò, tí wọ́n fi orúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò rẹ̀, torí pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì dáhùn kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjọ́ 19 Oṣù Kọkànlá nínú àkójọ Àjọ náà. Ẹ ò ní rí ọkùnrin níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni Ọjọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Lágbàáyé. Mo ti sọ èyí níbi ìpàdé àwọn òbí kan rí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú bàbá kan. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ti ṣáláńgá ni wọ́n gbà, wọn ò gba ti ọkùnrin?” Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọ̀gbẹ́ni Jack Sim, oníṣòwò ará Singapore, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ 19 Oṣù Kọkànlá 2001, ẹgbẹ́ náà sì ń ṣe ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún. Orílẹ̀-èdè Singapore ló wá gbé e lọ sí Ìpàdé Gbogbogbò, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 24 Oṣù Keje 2013, nọ́ńbà rẹ̀ ni A/RES/67/291. Ẹ dán ìṣirò wa wò: 67 àti 1945 jẹ́ 2012, ìjókòó náà sì wà títí di Oṣù Kẹsàn-án 2013, Oṣù Keje 2013 sì bọ́ sáàárín. Ó wọlé.

Ìtàn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí fi ọ̀nà tí ọjọ́ kan ń gbà wọ inú àkójọ hàn wá. Aráàlú tàbí ẹgbẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n aráàlú kò lè gbé e síwájú Ìpàdé Gbogbogbò. Orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ gbà láti gbé e lórí, kí ó kọ àbá, kí ó wá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí yóò tì í lẹ́yìn, kí wọ́n tó jíròrò lé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fọwọ́ sí i láìdìbò, torí àríyànjiyàn ti parí ní yàrá ẹ̀yìn. Àjọ náà kì í sì í fẹ́ fi owó tirẹ̀ bọ́ ọ. Ìpinnu a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ni kí ó wá owó rẹ̀. Ọjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí orílẹ̀-èdè tó gbé e. Ti ọkùnrin àti ti ọmọkùnrin kò tíì gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé etí ẹni lè fi orúkọ mọ ọjọ́ ojúlówó. Èyí tó bá dún bí àwàdà lè jẹ́ òótọ́, kí èyí tó ní ọ̀wọ̀ lẹ́nu máà sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ fún ẹja túnà, 2 Oṣù Karùn-ún. Ó ní ti básíkù, 3 Oṣù Kẹfà. Ó ní ti pòtétò, 30 Oṣù Karùn-ún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀ ní 22 Oṣù Kẹjọ, tí àwa àti àwọn ará Gánà fi ń bú ara wa, kò sí nínú àkójọ náà. (Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gbé oúnjẹ wa kan dé ibẹ̀, èmi ọmọ Èkìtì mọ èyí tó yẹ kí ó ṣáájú, ìrẹsì kọ́, odó àti ọmọ odó ni wọ́n fi ń ṣe é.)

“National” ti orílẹ̀-èdè wo?

Ẹ̀yà kẹta tún wà, òun ló pọ̀ jù, òun ni kò sì ní òbí. Àwọn tó ń jẹ́ National Girlfriend Day, National Daughters Day, National Boyfriend Day. Ọ̀dọ́ kan ní Adó á jí ní 1 Oṣù Kẹjọ, á bá a pé gbogbo ojúgbà rẹ̀ ti gbé fọ́tò ọ̀rẹ́bìnrin wọn sórí ayélujára, tirẹ̀ á sì máa bínú pé kò rántí òun. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé “National” ti orílẹ̀-èdè wo. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà gan-an kò sì dá a sílẹ̀. Níbẹ̀, bí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn aṣòfin yóò ṣe é tàbí kí Ààrẹ kéde rẹ̀ nínú ìwé tó fọwọ́ sí.

Níbo wá ni wọ́n ti ń rí wọn? Orí kàlẹ́ńdà ayélujára ni. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni National Day Calendar, tí Marlo Anderson bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ní ìlú Mandan, ní ìpínlẹ̀ North Dakota. Iléeṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ dún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀ a máa kọ̀wé béèrè, bí wọ́n bá sì gbà, á san owó. Ta ló máa ń ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Iléeṣẹ́ tó ń ta nǹkan ni. Ẹni tó ń ta bísíkíìtì fẹ́ kí bísíkíìtì ní ọjọ́ kan tí àwọn oníròyìn yóò rí nǹkan sọ nípa rẹ̀. Ṣáájú ìgbà íńtánẹ́ẹ̀tì pàápàá, ìwé kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Chase's Calendar of Events, tó ti ń jáde láti 1957. Ó ń kó ọjọ́ ìjọba àti ọjọ́ àwàdà jọ pa pọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Wíwà nínú irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ẹnì kan fi í ránṣẹ́, kò fi ju ìyẹn hàn.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọjọ́ òbí àti ọmọ tó ń yí lórí Wasáàpù kò ní olùdásílẹ̀ kankan tí a lè tọ́ka sí. Àmì tí mo fi ń mọ̀ wọ́n ni pé ọjọ́ wọn kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ ọmọkùnrin ẹni, Sons Day, ń jáde ní 4 Oṣù Kẹta, ó tún ń jáde ní 28 Oṣù Kẹsàn-án. Ti ọmọbìnrin ẹni, àwọn kan ní 25 Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará Íńdíà sì ń ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi kẹrin oṣù náà. Torí náà ni ẹ ṣe ń rí i tí ìyá kan ń kí ọmọ rẹ̀ kú ọjọ́ òní ní ìgbà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò sì máa rò pé òun ti pẹ́ tàbí pé òun yá jù.

Àmọ́ o, ẹ má fi ọjọ́ méjì nìkan dá ẹjọ́. Ọjọ́ àwọn ìyá jẹ́ méjì ní Èkìtì, méjèèjì ló sì ní gbòǹgbò. Ìjọ Áńgílíkà ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì, èyí tí wọ́n bá ní ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ló ń mú kí ó máa yí kiri pẹ̀lú Àjíǹde lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ Ìsinmi kejì nínú Oṣù Karùn-ún. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ìyáàfin Anna Jarvis ló jà fún un, Ààrẹ Woodrow Wilson sì kéde rẹ̀ ní 1914. Ọjọ́ méjì, ìdí méjì, ẹni méjì tí a lè dárúkọ. Bí ẹ bá béèrè ìdí ọjọ́ méjèèjì ti Sons Day lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín, ohun tí yóò sọ ni pé orí Fesibúùkù lòun ti rí i.

Ìwé ìròyìn náà ń dá kún un, kò sì yẹ kí a fi bò. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti gba orí ayélujára kan, oníròyìn a kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ṣe ọjọ́ báyìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ṣe àwòrán á wá ìròyìn yẹn rí, á fi ṣe ẹ̀rí. Ìròyìn mú ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ayélujára, ayélujára tún mú un lọ́wọ́ ìròyìn, ó sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìròyìn náà kò parọ́. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kí a wá orúkọ kan lórí Google, kí ojú ewé mẹ́wàá jáde: ẹ ṣí wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n dà kọ láti ara wọn. Ohun tó sàn ni kí ẹ dín ìwákiri kù sí ilé ẹni tí wọ́n ní ó kéde rẹ̀. Fún ti ọmọkùnrin, báyìí ni ẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́:

```
site:un.org "International Day of the Boy Child"
```

Bí ohunkóhun bá jáde, ẹ kà á dáadáa. Òṣìṣẹ́ Àjọ náà lè sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ kan sì lè fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n gbé e sí ibẹ̀. Dídárúkọ ọjọ́ kò jẹ́ kíkéde rẹ̀. Àmì Àjọ náà tó wà lórí àwòrán kò sì já mọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Láti Oṣù Kejìlá 1946 ni Ìpàdé Gbogbogbò ti ṣe ìpinnu pé kí ẹnikẹ́ni má lo àmì yẹn láìgbàṣẹ. Èmi gan-an, bí mo bá rí i lórí fláyà ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ńṣe ni ara máa ń fu mí sí i.

Èyí tó jẹ́ tiwa

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ti àgbáyé ni. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń wá orúkọ yẹn, àìsí nínú àkójọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò sì sọ ọjọ́ di ayédèrú. Ọdún Údìrókò l'Ádó kò sí níbẹ̀. Ọdún Ògún ní Ìrè-Èkìtì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ló ni ti Adó, Ìrè ló ni ti Ìrè, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò bọ́ sí, ààfin ni kí ó kọjú sí. Mo ti rí kàlẹ́ńdà ayélujára tó kọ ọjọ́ kan ṣoṣo mọ́ ọdún ìbílẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ náà kò lè yẹ̀ láé. Ojú ewé yẹn ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe ọdún náà.

Ti ìjọba náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin lórí ọjọ́ ìsinmi wà ní Nàìjíríà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló sì máa ń kéde ọlidé àpapọ̀, gómìnà sì lè kéde ti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìkéde kan àti òfin kan sì lè jìnnà síra. Oṣù Kẹfà 2018 ni Ààrẹ Buhari kéde pé 12 Oṣù Kẹfà ló máa di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa dípò 29 Oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n Oṣù Kẹfà 2019 ni ó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó mú un dúró. Ọjọ́ àwọn ọmọdé tí àwọn ọmọ wa máa ń fi ṣe máàṣì ní 27 Oṣù Karùn-ún, ti Nàìjíríà ni. Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bọ́ sí 20 Oṣù Kọkànlá. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́, àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ló yàtọ̀. Tíṣà tó bá kọ sínú ìwé pé ti 27 ni gbogbo ayé ń ṣe ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, bí kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn.

Ní báyìí, kí ni kí ilé ìwé tó ti kọ ìwé sáwọn òbí lórí 16 Oṣù Karùn-ún ṣe? Hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì kan bi mí báyìí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fagi lé e ni? Àwọn ọmọ ti ra aṣọ.” Mo ní kí ó má fagi lé e. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn ọmọkùnrin sọ, lórí ìmọ́tótó, lórí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí obìnrin, kò dúró de ìpinnu ẹnikẹ́ni. A jókòó, a tún ìwé náà kọ. A yọ àmì Àjọ náà kúrò. Gbólóhùn tó sọ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀, a pa á rẹ́, a sì kọ ọ́ báyìí: “Ilé ìwé wa yóò ṣe Ọjọ́ Ọmọkùnrin ní 16 Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí Ọ̀mọ̀wé Jerome Teelucksingh ti Trinidad bẹ̀rẹ̀ ní 2018.” Owó kéèkì, a sọ pé kí ẹni tó bá wù mú un wá, torí pé kò sí àjọ kankan tó pa á láṣẹ. Nínú Oṣù Kẹwàá, ó ti pinnu láti ṣe ti ọmọbìnrin, yóò sì kọ nọ́ńbà ìpinnu rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé kí òbí tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan kù tí mo fi kún un fún un: kí ó kọ ọjọ́ tó yẹ àkójọ náà wò sínú fáìlì rẹ̀. Àkójọ yẹn kì í dúró. Ní 2022, ẹni tó bá sọ pé pòtétò kò ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ òótọ́. Nínú Oṣù Kejìlá 2023, wọ́n fọwọ́ sí A/RES/78/123, pòtétò sì wọlé. 30 Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Bí orílẹ̀-èdè kan bá gbé ti ọmọkùnrin lórí lọ́la, ìwé tí a jọ tún kọ yẹn yóò nílò àtúnkọ.